Nígbà tí àròpọ̀ bá tún ara rẹ̀ kà: bí ẹ ṣe lè tún ṣíìtì tó ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì ṣe

Inú ṣíìtì ìnáwó ayẹyẹ ni àṣìṣe yìí máa ń sá pamọ́ sí dáadáa. Ẹni tó ń kọ ọ́ á to owó oúnjẹ sílẹ̀, á rò ó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Á to owó ohun mímu, á rò ìyẹn náà pọ̀. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á wá kọ fọ́múlà kan tó ro gbogbo òpó náà pọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, owó tó máa jáde á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fẹ́ ná. Kọ̀ǹpútà kò ṣi ìṣirò náà ṣe o. Ohun tí wọ́n ní kó rò ló rò. Ó ka owó ìrẹsì níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó tún bá owó ìrẹsì kan náà pàdé nínú àròpọ̀ oúnjẹ, ó sì kà á níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó dà bí alájọ tó ka owó oníkálukú tán, tó wá ka àpò tó kó gbogbo wọn sí mọ́ ọn.

Ṣíìtì tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rèé. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà wà ní òpó A, owó rẹ̀ ní náírà wà ní òpó B. Ẹ má fi àwọn owó náà lọ sọ́jà. A mú wọn nítorí kí ìṣirò lè rọrùn ni.

| Ìlà | A | B |
|---|---|---|
| 1 | Nǹkan | Owó |
| 2 | Ìrẹsì | 240,000 |
| 3 | Òróró | 120,000 |
| 4 | Ata, tòmátò, àlùbọ́sà | 140,000 |
| 5 | Màlúù kan | 700,000 |
| 6 | Àpapọ̀ oúnjẹ | 1,200,000 |
| 7 | Omi | 60,000 |
| 8 | Ọtí ẹlẹ́rìndòdò | 150,000 |
| 9 | Bíà | 190,000 |
| 10 | Àpapọ̀ ohun mímu | 400,000 |
| 11 | Kánópì | 100,000 |
| 12 | Àga àti tábìlì | 80,000 |
| 13 | Jẹnẹrétọ̀ | 70,000 |
| 14 | Àpapọ̀ ìjókòó | 250,000 |
| 15 | Owó mọ́tò | 50,000 |
| 16 | Àpapọ̀ gbogbo | ? |

Nínú àpótí B6, `=SUM(B2:B5)` ni wọ́n kọ. `=SUM(B7:B9)` wà ní B10, `=SUM(B11:B13)` sì wà ní B14. Owó mọ́tò tó wà ní ìlà 15 dá dúró, kò sí lábẹ́ ẹ̀ka kankan. Ní B16, wọ́n wá kọ èyí:

```
=SUM(B2:B15)
```

3,750,000 ló jáde. Owó tí wọ́n máa ná gan-an kò ju 1,900,000 lọ. Bí ẹ bá yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ẹ máa rí 1,850,000, èyí tó jẹ́ 1,200,000 àti 400,000 àti 250,000 pọ̀. Àròpọ̀ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn gan-an ló lé. Àmì àìsàn náà nìyẹn: iye tó lé kì í ṣe owó kan ṣá, ó máa ń bá àwọn àròpọ̀ ẹ̀ka mu láìkù kọ́bọ̀ kan.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti rí i pé owó ti di méjì, wọ́n á kàn pín in sí méjì:

```
=SUM(B2:B15)/2
```

Ọgbọ́n yìí máa ń ṣiṣẹ́ bí gbogbo nǹkan inú ṣíìtì bá wà lábẹ́ àròpọ̀ ẹ̀ka kan, tí kò sí èyí tó dá dúró. Nínú ṣíìtì tiwa, 1,875,000 ló máa fún wa, èyí tó fi 25,000 dín. Ìdajì owó mọ́tò ló sọnù yẹn, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni fọ́múlà ka owó mọ́tò, a sì wá pín ẹ̀ẹ̀kan náà sí méjì. Lójú tiwa, èyí burú ju àṣìṣe àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá rí 3,750,000 á fò sókè, á sì tún un wò. Ẹni tó bá rí 1,875,000 á kàn fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ dájú pé òun ni

Ẹ kọ fọ́múlà yìí sínú àpótí kan tó ṣófo tí kò sí ní òpó B, bíi D1:

```
=MAX(B2:B15)
```

Ohun tó ń bèèrè ni pé èwo ló tóbi jù nínú àwọn iye tó wà níbẹ̀. Nínú ṣíìtì wa, 1,200,000 ló máa dáhùn. Ẹ wá wò ó, kí ni a rà ní 1,200,000? Màlúù ló wọ́n jù, 700,000 ni. Bí MAX bá ti mú iye kan wá tí ẹ kò lè tọ́ka sí ọjà kankan fún, àròpọ̀ ẹ̀ka ti wà láàárín àwọn ọjà nìyẹn. Àyẹ̀wò yìí dára gan-an fún ṣíìtì gígùn tí ojú kò lè ká tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí B16, kí ẹ tẹ F2. Excel á fi ìlà aláwọ̀ yí gbogbo agbègbè tí fọ́múlà náà ń rò ká. Nínú Google Sheets, ẹ tẹ àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà lẹ máa rí. Bí ìlà aláwọ̀ náà bá gba orí B6, B10 àti B14 kọjá, ẹ ti rí ibi tó ti bàjẹ́.

Ẹ tún nílò iye tó jẹ́ òótọ́ lọ́wọ́, torí òun lẹ máa fi díwọ̀n gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ bá ṣe. Ẹ fi máòsì yan B2 dé B5. Ẹ di Ctrl mú (Command ni lórí Mac), kí ẹ yan B7 dé B9, lẹ́yìn náà B11 dé B13, lẹ́yìn náà B15. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ máa rí `Sum: 1,900,000`. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá yan B2 dé B15 lẹ́ẹ̀kan náà, 3,750,000 ni ibẹ̀ náà máa kọ, torí kò mọ èyí tó jẹ́ ọjà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àròpọ̀. Lórí fóònù tí kò sí Ctrl, ẹ kọ èyí sí D2, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe:

```
=SUM(B2:B5,B7:B9,B11:B13,B15)
```

Ohun kan ṣẹ́kù kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ tẹ Ctrl àti bọ́tìnnì ` tó wà lókè Tab lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo fọ́múlà inú ṣíìtì á fara hàn dípò iye tí wọ́n bí. Ẹ wo ìlà 6, 10 àti 14. Ṣé fọ́múlà ló wà níbẹ̀, àbí nọ́ńbà lásán tí ẹnì kan fọwọ́ tẹ̀? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì méjèèjì náà, ṣíìtì á padà sí bó ṣe wà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àṣìṣe kan máa ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó kọ ṣíìtì bá tẹ «1200000 náírà» sínú B6, ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà á sí, SUM á sì fò ó. Àpapọ̀ gbogbo lè wá dà bí èyí tó tọ̀nà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá yọ «náírà» yẹn kúrò kí ó lè dùn ún wò, 1,200,000 á gorí àpapọ̀ gbogbo lójijì. Nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ yí i padà. Ẹ fi ojú sí i.

Bí àwọn àròpọ̀ ẹ̀ka bá jẹ́ fọ́múlà: ẹ lo SUBTOTAL

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kí a ro àwọn àròpọ̀ ẹ̀ka nìkan pọ̀: `=B6+B10+B14+B15`. Ó tọ̀nà lónìí. Ṣùgbọ́n bí ìdílé bá pinnu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé àwọn máa pe onílù, tí ẹ sì fi ẹ̀ka tuntun kún un, fọ́múlà yẹn kò ní mọ̀ pé onílù wà. Owó á wá dín, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ṣòro láti rí owó tó dín ju èyí tó lé lọ.

SUBTOTAL ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ó ń rò ó pọ̀ bíi SUM, ṣùgbọ́n bí ó bá bá SUBTOTAL mìíràn pàdé nínú agbègbè tó ń rò, ó máa ń fò ó kọjá. Nọ́ńbà tó ṣáájú nínú àkámọ́ ló ń sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe. 9 ni ti àròpọ̀. Ẹ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà báyìí:

```
B6:   =SUBTOTAL(9,B2:B5)
B10:  =SUBTOTAL(9,B7:B9)
B14:  =SUBTOTAL(9,B11:B13)
B16:  =SUBTOTAL(9,B2:B15)
```

B16 á di 1,900,000. Ẹ kíyè sí i pé agbègbè tí B16 ń rò kò yí padà, láti B2 dé B15 náà ni. Owó mọ́tò tó dá dúró wà nínú rẹ̀ láìsí pé a dárúkọ rẹ̀, ẹ̀ka onílù tí ẹ bá fi sáàárín náà á sì wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ti lo SUBTOTAL fún àròpọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí Excel yín ń sọ Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, orúkọ tí fọ́múlà náà ń jẹ́ lọ́dọ̀ yín yàtọ̀, àmì tó wà láàárín náà sì yàtọ̀. SUM ni SOMME, báyìí sì ni ẹ máa kọ ti B6:

```
=SOUS.TOTAL(9;B2:B5)
```

Ṣíìtì tó ní ogójì ẹ̀ka kò ṣeé fọwọ́ yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ lẹ́tà B tó wà lórí òpó kí gbogbo òpó náà lè jẹ́ yíyàn, kí ẹ tẹ Ctrl àti H. Ẹ kọ `=SUM(` sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ kọ `=SUBTOTAL(9,` sí ibi tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wá tẹ `Replace All`. Nínú Google Sheets, ẹ gbọ́dọ̀ mú `Also search within formulas`, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á ní òun kò rí nǹkan kan.

Ibi tí ẹ ti máa ṣọ́ra jù nìyí o. Àtúnṣe yẹn máa yí gbogbo SUM tó wà ní òpó B padà, àti èyí tí kì í ṣe àròpọ̀ ẹ̀ka. Ká ní owó kánópì ní B11 jẹ́ ìdógò 40,000 ní D11 àti àṣẹ́kù 60,000 ní E11, tí wọ́n sì kọ `=SUM(D11,E11)`. Bí ìyẹn náà bá di SUBTOTAL, B11 á ṣì máa fi 100,000 hàn, ojú kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n B14 á fò ó kọjá, á di 150,000. B16 náà á fò ó, á di 1,800,000. Kánópì ti kúrò nínú ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ tó ń wò yín. Nítorí náà, òfin tí ẹ máa tẹ̀ lé ni pé SUBTOTAL jẹ́ ti ìlà àròpọ̀ nìkan. Ọjà tó jẹ́ pé fọ́múlà ló bí owó rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lo SUM tàbí `=D11+E11` lọ.

Bí ẹ bá yí B16 nìkan padà, tí ẹ fi àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀ bí SUM, 3,750,000 ni yóò ṣì máa kọ. SUBTOTAL kì í dá SUM mọ̀. SUBTOTAL ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fò. Bí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ padà tí ẹ gbàgbé B10, 2,300,000 lẹ máa rí. Ẹ yọ 1,900,000 tí ẹ kọ sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, 400,000 ló kù, ẹ sì ti mọ ìlà tó jẹ́ 400,000. Ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ iye òótọ́ sílẹ̀ ṣáájú nìyẹn.

Fílítà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. SUBTOTAL kì í ka ìlà tí fílítà bá fi pamọ́. Bí ẹnì kan bá fi fílítà gbé ìlà 7 dé 10 kúrò lójú, B16 á já wá sí 1,500,000, ẹni tó bá sì ya fọ́tò ṣíìtì náà lásìkò yẹn á gbé owó tí kò pé lọ. Ní ti ìlà tí ẹ fọwọ́ fi pamọ́ láìlo fílítà, 9 ṣì máa ń kà á; bí ẹ kò bá fẹ́ kó kà á, 109 ni ẹ máa kọ dípò 9. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú ṣíìtì kan, torí bí ìlà kan bá wà ní ìpamọ́, àròpọ̀ ẹ̀ka àti àpapọ̀ gbogbo kò ní bá ara wọn mu mọ́, ẹ kò sì ní mọ ìdí.

Ó tún ku bí a ṣe ń fi ọjà tuntun sí i. Ẹ fi ìlà tuntun sí àárín ẹ̀ka, bíi láàárín ìlà 3 àti 4, kì í ṣe sí orí àròpọ̀ gan-an. Bí ẹ bá fi í sáàárín, `B2:B5` á nà di `B2:B6` fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn màlúù tó kẹ́yìn, fọ́múlà lè má nà dé ibẹ̀: ọjà tuntun náà á wọ àpapọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n kò ní sí nínú àpapọ̀ oúnjẹ.

Bí àwọn àròpọ̀ ẹ̀ka bá jẹ́ nọ́ńbà lásán: ẹ fi àmì sí ìlà wọn

Ṣíìtì tó bá ti inú ètò ìṣirò owó jáde, tàbí èyí tí ẹnì kan kọ́pì tó sì lẹ̀ pẹ̀lú `Paste values`, kì í ní fọ́múlà nínú mọ́. 1,200,000 tó wà ní B6 ti di nọ́ńbà bíi ti màlúù. Bí ẹ bá kọ SUBTOTAL sí B16 lórí irú ṣíìtì bẹ́ẹ̀, 3,750,000 náà ló máa padà wá, torí kò sí SUBTOTAL kankan níbẹ̀ tó máa fò. Ibi tó ti ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: ṣíìtì tí wọ́n tún ṣe dáadáa lánàá, ẹnì kan gbé e lọ sínú ṣíìtì mìíràn, ó sì tún bàjẹ́.

Ẹ lè kọ àwọn àròpọ̀ ẹ̀ka náà padà sí fọ́múlà bí wọn kò bá pọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ lo òpó C. Ẹ tẹ lẹ́tà T sí ìlà àròpọ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìyẹn C6, C10 àti C14, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ lófìfo. Ní B16, ẹ kọ:

```
=SUMIF(C2:C15,"<>T",B2:B15)
```

Ohun tó ń sọ ni pé: wo òpó C, ìlà èyíkéyìí tí kò bá ti jẹ́ T, ro owó rẹ̀ pọ̀. Àpótí tó ṣófo náà kì í ṣe T, nítorí náà ó wà nínú rẹ̀. 1,900,000 ló máa jáde. Àǹfààní kan tó fi ju SUBTOTAL lọ ni pé fílítà kò lè yí i padà. Bí ẹ fi ìlà pamọ́, bí ẹ kò fi í pamọ́, iye kan náà ni.

Àmì T yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ọwọ́ bá tẹ àlàfo mọ́ ọn lẹ́yìn, tó di «T » dípò «T», SUMIF á gbà pé kì í ṣe T, á sì rò ó mọ́ ọjà. Ẹ ka iye T tó wà níbẹ̀:

```
=COUNTIF(C2:C15,"T")
```

3 ló yẹ kó kọ. Bí ó bá kọ 2, ẹ̀ka kan ń fi ara pa mọ́ sínú ọjà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé kí ló dé tí a kò kàn lo ọ̀rọ̀ «Àpapọ̀» tó ti wà ní òpó A. Fọ́múlà gbà á láyè, àmì ìràwọ̀ sì dúró fún ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e:

```
=SUMIF(A2:A15,"<>Àpapọ̀*",B2:B15)
```

Ṣùgbọ́n àmì ohùn wa ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí. Ẹnì kan á kọ «Àpapọ̀», ẹlòmíràn á kọ «Apapo» torí fóònù rẹ̀ kò ní àmì, ẹlòmíràn á kọ «Oúnjẹ lápapọ̀» tí kò fi ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ rárá. Kódà bí gbogbo wọn bá fi àmì sí i pé, ọ̀ kan lè jẹ́ o tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè kún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òmíràn lè jẹ́ ọ tó ti pé kí wọ́n tó fi àmì òkè sí i. Lójú, wọn kò yàtọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi tò wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì lè sọ pé wọn kò bára mu. T kò ní irú ìṣòro yẹn.

Bí ṣíìtì náà bá máa pẹ́ lọ́wọ́ yín: ẹ yọ àròpọ̀ kúrò láàárín ọjà

Fún ìnáwó ọjọ́ kan, SUBTOTAL tó. Fún ìwé tí ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin máa ń wọ̀ lóṣooṣù, bíi ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ tò ó lọ́tọ̀. Ọjà nìkan ló máa wà nínú ṣíìtì àkọ́kọ́, àròpọ̀ kankan kò ní wọ àárín wọn.

Ẹ fi òpó tuntun sí iwájú, kí ẹ pè é ní Ẹ̀ka. Ní báyìí, Ẹ̀ka wà ní A, nǹkan wà ní B, owó wà ní C. Ẹ kọ Oúnjẹ sí ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́, Ohun mímu sí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Ìjókòó sí mẹ́ta mìíràn, Ìrìnnà sí owó mọ́tò. Ẹ wá pa ìlà àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àpapọ̀ gbogbo rẹ́. Ọjà mọ́kànlá ló kù, láti ìlà 2 dé 12. Ní ẹ̀gbẹ́, ẹ to orúkọ ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí E2 dé E5, kí ẹ sì kọ èyí sí F2:

```
=SUMIF($A$2:$A$12,E2,$C$2:$C$12)
```

Ẹ kọ́pì rẹ̀ wá sí F5. Àmì $ yẹn ni kì í jẹ́ kí agbègbè náà sún nígbà tí ẹ bá ń kọ́pì. Ẹ ó rí 1,200,000, 400,000, 250,000 àti 50,000. Torí ọ̀rọ̀ àmì ohùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ kí ènìyàn máa tẹ orúkọ ẹ̀ka fúnra wọn. Ẹ yan A2 dé A12, kí ẹ lọ sí `Data`, lẹ́yìn náà `Data validation`, kí ẹ ní kó máa mú orúkọ láti E2 dé E5. Oníkálukú á wá máa yan ẹ̀ka látinú àkójọ dípò kí ó máa kọ ọ́. Èyí tí wọ́n ti fọwọ́ tẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà fúnra rẹ̀ o. Ẹ lọ tún un yàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ràn PivotTable ju SUMIF lọ, inú ṣíìtì tó tò báyìí nìkan ni kí ẹ ti ṣe é. PivotTable tí ẹ bá ṣe lórí ṣíìtì àtijọ́ á to «Àpapọ̀ oúnjẹ» sáàárín òróró àti bíà bí ẹni pé ọjà kan ni, 3,750,000 á sì tún dé.

Ní F7, ẹ fi àyẹ̀wò kan sílẹ̀:

```
=SUM(C2:C12)-SUM(F2:F5)
```

0 ló yẹ kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹnì kan bá fi ìlà àròpọ̀ padà sáàárín ọjà láìsọ ẹ̀ka rẹ̀, iye àròpọ̀ yẹn gan-an ló máa jáde ní F7. Bí ó bá jẹ́ ọjà gidi ni wọ́n gbàgbé láti yan ẹ̀ka fún, owó ọjà náà lẹ máa rí. Ẹ wá iye yẹn ní òpó C, ẹ máa bá ìlà tó jẹ́ tirẹ̀.